Ohun Tí Ojú Ò Rí

Ọ̀yọ́, ọ̀sán Sátidé. Màmá Àgbà, nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì, ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìnkùlé. Ayọ̀délé, ọmọ ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún 16, jókòó tì í. Wòlíì kan ti sọ fún Títí, ẹ̀gbọ́n Ayọ̀délé, pé òun ríran rere sí ìgbéyàwó rẹ̀, kí òun àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ má wulẹ̀ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

AYỌ̀DÉLÉ: Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ìran, iwin, àjẹ́, àbíkú, irọ́ ni gbogbo ẹ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò bá lè fi hàn mí, kò sí.

MÀMÁ ÀGBÀ: Gbogbo ẹ̀ kẹ̀? Gbọ́. Nílé ẹ̀kọ́ àwọn agbẹ̀bí, wọ́n kọ́ wa nípa dókítà kan, Ignaz Semmelweis, ní ìlú Fiẹ́nà. Wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí méjì ló wà ní ọsibítù tó ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn dókítà ń gbẹ̀bí nínú ọ̀kan, àwọn agbẹ̀bí nínú èkejì. Ibà ń pa ìyá ìkókó lọ́dọ̀ àwọn dókítà ju ti àwọn agbẹ̀bí lọ.

AYỌ̀DÉLÉ: Kí ló fà á?

MÀMÁ ÀGBÀ: Àwọn dókítà a la òkú tán, wọn a fi ọwọ́ yẹn kan náà yẹ aláboyún wò. Lọ́dún 1847 ó ní kí wọ́n máa fi omi kiloríìnì fọwọ́. Ikú lọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò rí nǹkan kan nà sí wọn pé òun rèé, ọ̀pọ̀ àgbà dókítà ò sì gbà á gbọ́. Ó kú ní 1865. Ó di 1879 kí Louis Pasteur tó fi kòkòrò tó ń fa ibà náà hàn wọ́n ní Paríìsì. Ká ní o wà níbẹ̀ ní 1847, ta lò bá gbè?

AYỌ̀DÉLÉ: Òun ni. Ó ṣáà ka iye àwọn tó ń kú. Ṣùgbọ́n Màmá, wọ́n rí kòkòrò yẹn nígbẹ̀yìn. Ayébáyé ni wọ́n ti ń sọ iwin, ta ló fi han ẹnikẹ́ni?

MÀMÁ ÀGBÀ: Ọ̀rọ̀ gidi lo sọ. N ò ní parọ́ fún ọ pé iwin àti kòkòrò dọ́gba. Ohun tí mo ní kó o yéé sọ ni pé tí wọn ò bá ti fi hàn ọ́, kò sí. Semmelweis rí iṣẹ́ ọwọ́ nǹkan náà, kò rí nǹkan náà fúnra rẹ̀.

AYỌ̀DÉLÉ: Àbíkú ńkọ́?

MÀMÁ ÀGBÀ: Mo gbẹ̀bí obìnrin kan tó sin ọmọ mẹ́ta. Wọ́n fi abẹ kọ ara èkejì kó má bàa padà wá. Wọ́n sọ ẹ̀kẹta ní Málọmọ́. Ó lọ. Àbíkú sọ olóògùn dèké lóòótọ́. Nígbà tí a yẹ ẹ̀jẹ̀ òun àti ọkọ rẹ̀ wò, AS làwọn méjèèjì. Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ló ń pa àwọn ọmọ náà: ẹ̀jẹ̀ wọn ń tẹ̀ bíi dòjé, ó ń dí iṣan.

AYỌ̀DÉLÉ: Ẹ rí i! Kò sí àbíkú.

MÀMÁ ÀGBÀ: Òkú wà. Ẹkún wà. Àwọn baba wa rí i pé ikú kan ń bá ilé kan jà, ó ń fo ilé kejì. Òótọ́ ni wọ́n rí, ìdí rẹ̀ lọwọ́ wọn ò tó. Obìnrin yẹn wá bi mí pé aládùúgbò òun àti ọkọ rẹ̀, AS làwọn náà, ọmọ wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yè. Kí ló dé tó fi jẹ́ tòun?

AYỌ̀DÉLÉ: Èèṣì ni. Nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ á jẹ́ SS.

MÀMÁ ÀGBÀ: Èèṣì yẹn, o rí i rí?

AYỌ̀DÉLÉ: Ha, Màmá! A lè kà á. Ẹ kó ẹgbẹ̀rún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jọ, nǹkan bí 250 á jẹ́ SS.

MÀMÁ ÀGBÀ: Mo gbà. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lo kà, ìwọ náà ò rí i. Èyí tó kù, ìyẹn ìdí tó fi kan ẹni tó kàn, èmi ń pè é ní orí. N ò lè kà á fún ọ bó o ṣe ka tìrẹ, n ò sì ní fi dandan lé e. Ṣùgbọ́n àràárọ̀ ni mò ń bẹ orí mi, tọkàntọkàn sì ni.

AYỌ̀DÉLÉ: Bẹ́ ẹ bá gba orí gbọ́, kí ló dé tẹ́ ò gba ìran wòlíì?

MÀMÁ ÀGBÀ: Orí ò sọ fún mi rí pé kí n má fọwọ́ kí n tó gbẹ̀bí. Ohun àìrí tó bá ní kí n má wò, kí n má béèrè, ẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí gan-an. Wọ́n ti lé arúgbó jáde nílé torí pé ẹnì kan lálàá pé àjẹ́ ni. Bí ìran bá di irọ́, ta ni yóò jìyà ẹ̀? Ṣé wòlíì ni yóò gbé ọmọ Títí lọ gba ẹ̀jẹ̀ lóru?

AYỌ̀DÉLÉ: Sísí Títí ò ní gbọ́ tèmi. Wọ́n ní aláìgbàgbọ́ ni mí.

MÀMÁ ÀGBÀ: Wọn ò lè pe èmi bẹ́ẹ̀. Lọ mú fóònù mi wá. Kí àwọn méjèèjì wá bá mi ní Mọ́ńdè, èmi fúnra mi ni máa mú wọn lọ síbi àyẹ̀wò.

AYỌ̀DÉLÉ: Tó bá wá jẹ́ AS làwọn méjèèjì ńkọ́?

MÀMÁ ÀGBÀ: A ó jókòó, a ó sọ ọ́. Wòlíì náà lè wá bó bá wù ú. Fóònù dà?