Abala Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Kòkó: Ọ̀rọ̀ Atọ́kùn

(Ọ̀rọ̀ tí atọ́kùn sọ ló wà níhìn-ín. Ìdáhùn àwọn àlejò méjèèjì wà láàárín àkámọ́, ní ṣókí.)

Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Màmá, ẹ kú àlàyé, ẹ kú wàhálà. Ẹ̀yin èèyàn wa, ó ti kàn yín wàyí. Ogójì ìṣẹ́jú la ní, ìbéèrè tó sì wà nílẹ̀ báyìí ti ju èyí tí ogójì ìṣẹ́jú lè gbà lọ, torí náà ẹ jẹ́ ká tètè ṣe àdéhùn. Ẹ kọ ìbéèrè yín sínú àpótí tí wọ́n kọ Q&A sí, nísàlẹ̀ ojú fóònù yín. Ẹ má kọ ọ́ síbi tí a ti ń kí ara wa o. Ìkíni ti pọ̀ níbẹ̀, mi ò lè máa wá ìbéèrè láàárín "ẹ kú iṣẹ́" àti "Elédùmarè á túbọ̀ máa ràn yín lọ́wọ́". Ìlú yín nìkan ni màá dárúkọ. À ń gba ètò yìí sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ẹbí sì wà nínú ohun tí àwọn kan ń béèrè, ẹ ò ní fẹ́ kí ìbátan yín gbọ́ ọ lórí fóònù ẹlòmíì. Ìbéèrè tó bá gùn, màá gé e kúrú. Bí mo bá gé e débi tí kò fi jọ tiyín mọ́, ẹ tẹ àmì ọwọ́, ẹ sọ fún mi pé ìyẹn kọ́ lẹ béèrè. Mi ò ní bínú.

Ilé-Olújì ló kọ́kọ́ wọlé. Mo kà á bó ṣe wà: "Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́. Bí òjò bá ti ń rọ̀ léraléra, èso kòkó mi á bẹ̀rẹ̀ sí í dú lórí igi, kó tó ọ̀sẹ̀ méjì gbogbo rẹ̀ á ti jẹrà. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n wá gámálíìn rà. Ṣé ó máa ṣiṣẹ́?" Ẹni tó kọ èyí mọ ìbéèrè í béèrè. Ọ̀jọ̀gbọ́n, tiyín ni.

(Ọ̀jọ̀gbọ́n: Rárá. Oògùn kòkòrò ni gámálíìn, àìsàn tó ń sọ èso di dúdú kì í sì í ṣe kòkòrò. Ohun àìfojúrí kan tó fẹ́ràn omi àti òjìji ló ń fà á. Yàtọ̀ síyẹn, líńdéènì tó wà nínú gámálíìn ti wà lára àwọn oògùn tí àdéhùn àgbáyé ti Sítọ́kóòmù fòfin dè fún iṣẹ́ oko láti 2009. Ẹ máa já èso tó bá ti dú kúrò lóko lọ́sẹ̀-ọ̀sẹ̀, ẹ gé ẹ̀ka tó bo oko jù kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, kí ẹ sì fọ́n oògùn oníkọ́pà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin síra wọn nígbà òjò.)

Ẹ ṣeun. Ẹni tí nẹ́tíwọ́kì rẹ̀ já ní àárín, ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n sọ nìyí: gámálíìn ò ran àìsàn èso dúdú, òfin sì ti lé e kúrò lóko. Já èyí tó dú, la ojú oko, fọ́n kọ́pà. Ọ̀jọ̀gbọ́n, kí n fi ìbéèrè tèmi kan há a: èso tí wọ́n já yẹn, ṣé kí wọ́n jù ú sẹ́bàá igi?

(Ọ̀jọ̀gbọ́n: Kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀. Òjò á ta ẹrẹ̀ rẹ̀ sókè padà sára èso tó ṣì dára. Kí wọ́n kó o jáde lóko, kí wọ́n rì í mọ́lẹ̀.)

Ó dáa. Ẹni tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ń dún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa maíkì yín. Ẹ ṣeun.

Èyí tó kàn gùn. Lọ́ńdọ̀nù ló ti wá, ó tó ojú ìwé kan àbọ̀ lórí fóònù mi, mo sì ti kà á tán lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbé e wá. Màá ka ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí ẹ lè gbọ́ ohùn ẹni tó ni ín: "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Bàbá wa fi oko kòkó éékà mẹ́wàá sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìdànrè. Àwọn fúnra wọn ló gbìn ín láàárín ọdún 1970 sí 1979. Láti ìgbà tí wọ́n ti dolóògbé, ẹni tó ń bá wa tọ́jú oko ní kòkó ò so mọ́. Àbúrò mi ní ká gé gbogbo rẹ̀, ká gbin ọ̀pẹ. Èmi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀..." Ó wá tẹ̀ síwájú sórí ẹni tó ń gba owó, ẹni tí kì í gbé fóònù, àti ohun tí wọ́n sọ nípàdé ẹbí. Ìyẹn, àwọn àgbà ẹbí ló lè bá yín dá sí i, ẹ má bínú. Nínú gbogbo rẹ̀, ìbéèrè méjì ni mo rí tó jẹ́ ti àwọn àlejò wa. Ìkíní: kòkó tó ti lé ní ogójì ọdún, ṣé dandan ni ká gé e tán lẹ́ẹ̀kan náà? Ìkejì: níbo la ti ń rí ọmọ kòkó tó dá wa lójú, kó má jẹ́ ayédèrú? Ẹ̀yin ará Lọ́ńdọ̀nù, mo ṣí maíkì yín. Ṣé ohun tí ẹ ń béèrè nìyẹn?

Ẹ ṣeun sà. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ kí n fi kún un pé owó tó ń wọlé lórí oko náà ni wọ́n fi ń san owó iléèwé ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn. Ó dáa tí mo béèrè, torí ìyẹn yí ìdáhùn padà. Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ dáhùn bíi pé oko náà kò gbọdọ̀ ṣófo lọ́dún kan.

(Ọ̀jọ̀gbọ́n: Ẹ pín oko sí ọ̀nà mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹ máa gbin ọ̀kan tuntun bọ̀ lọ́dọọdún. Ẹ gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà láàárín rẹ̀; yóò ṣíji bo ọmọ kòkó, yóò sì mówó wá kí kòkó tó so. Mítà mẹ́ta sí mítà mẹ́ta ni kí ẹ fi síra wọn, ìyẹn igi 1,111 lórí hẹ́kítà kan. Ní ti ọmọ kòkó, ẹ lọ sí ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdí-Àyúnrẹ́, nítòsí Ìbàdàn.)

Ẹ gbọ́ o, ẹ má dúró lẹ́bàá títì ra ọmọ kòkó lọ́wọ́ ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí. Ìyẹn, èmi ni mo sọ ọ́, kì í ṣe Ọ̀jọ̀gbọ́n.

Màmá, ó kàn yín. Àwọn èèyàn láti Ọ̀wọ̀, Ìkirè, Òkèigbó àti Ìjẹ̀bú-Igbó béèrè ohun kan náà, wọ́n kàn gbà á lọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹnì kan béèrè iye ọjọ́ tó yẹ kí kòkó lò lábẹ́ ewé. Ẹlòmíì ní gíréédà dá kòkó òun padà pé ó ní èébu. Òmíràn fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n lè sá a sójú títì ọlọ́dà torí pé ó ń tètè gbẹ. Mo so wọ́n pọ̀: láti ọjọ́ tí a bá fọ́ kòkó títí dìgbà tó bá wọ àpò, kí ló yẹ ká ṣe kó má baà bàjẹ́?

(Màmá: Ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, kí ẹ máa yí i ní ọjọ́ méjì-méjì. Ẹni tó bá kó o jáde lọ́jọ́ kẹta nítorí pé owó ń wù ú, adùn kòkó náà ò ní jáde. Sísá ń lò tó ọ̀sẹ̀ kan bí oòrùn bá mú; ẹ sá a sórí ẹní tàbí pákó tó ga sílẹ̀. Ojú títì kọ́: òórùn ọ̀dà àti èéfín mọ́tò máa ń wọ inú rẹ̀. Omi inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju bíi ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún lọ kí ẹ tó dì í, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á bu.)

Màmá, ẹni tí kò ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn omi ńkọ́?

(Màmá: Kó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, kó fún un. Bó bá gbẹ dáadáa, á máa dún ṣàkàṣàkà, èèpo rẹ̀ á sì máa fọ́.)

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí èyí tó gbóná. Wọn ò kọ ìlú wọn sí i. Orúkọ oníṣòwò kan wà nínú ìbéèrè yìí, mi ò ní kà á, torí ẹni náà ò sí níbí láti fẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Èébú kékeré kan tún wà níbẹ̀, mo ti fò ó. Ohun tó kù, mo tún un sọ pé: ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, owó kòkó kọjá ẹgbẹ̀rún méjìlá dọ́là lórí tọ́ọ̀nù kan ní ọjà Niu Yọ́ọ̀kì, ó sì wá já wálẹ̀ gan-an ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ta ló ń dá iye yìí, kí ló sì dé tí àgbẹ̀ ò fi lè sọ pé iye báyìí ni mo ń tà? Ẹni tó kọ ọ́, mo mọ̀ pé ó ń dùn yín, mo sì gbà pé ìbéèrè tó wà nídìí ìbínú yín nìyẹn.

(Màmá: Láti 1986 tí ìjọba ti tú àjọ tó ń ra kòkó ká, kò sí iye tí ìjọba ń dá mọ́. Lọ́ńdọ̀nù àti Niu Yọ́ọ̀kì là ń wò, bí kòkó bá sì wọ́n ní Gánà àti Kodifuáà, owó á lọ sókè. Iye náírà sí dọ́là tún wà níbẹ̀. Ẹni tó ń ta àpò kan péré kò lè bá oníṣòwò dúnàá-dúrà. Bí ogún èèyàn bá kó kòkó wọn pọ̀, ọ̀rọ̀ á yí padà.)

Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ló kù. Oǹdó béèrè pé: "Ṣé òótọ́ ni pé àwọn òyìnbó Yúróòpù ò ní ra kòkó wa mọ́ bí a ò bá ya àwòrán oko?" Màmá, ẹgbẹ́ yín ti ń ṣe é, ẹ fi ìṣẹ́jú méjì dá wọn lóhùn, ẹ jọ̀ọ́.

(Màmá: Òfin tí wọ́n ṣe ní 2023 ni. Kòkó tí wọ́n gbìn sórí ilẹ̀ igbó tí wọ́n gé lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2020, wọn ò fẹ́ ẹ. Wọ́n fẹ́ mọ ibi tí oko wà gan-an. Bí oko kan kò bá ju hẹ́kítà mẹ́rin lọ, àmì kan lórí àwòrán ilẹ̀ ti tó. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, a gbọ́dọ̀ rìn yí ààlà rẹ̀ ká pẹ̀lú fóònù. Wọ́n ti sún ọjọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀ síwájú, àmọ́ àwọn tó ń rà ti ń béèrè...)

Màmá, ẹ forí jì mí pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín, aago ló ń lé mi. Ìbéèrè kékeré tó kù lórí rẹ̀ ni pé ṣé wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ àgbẹ̀ kí wọ́n tó ya oko rẹ̀?

(Màmá: Àwa ò gba kọ́bọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá wá gbowó lọ́wọ́ yín, ẹ kọ́kọ́ bi ẹgbẹ́ yín.)

Ẹnì kan láti Abẹ́òkúta ń béèrè bóyá ewé kòkó ń wo ìtọ̀ ṣúgà. Àlejò wa kankan kì í ṣe dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá dókítà yín sọ ọ́.

Èyí tó kẹ́yìn, láti Ifẹ̀tẹ̀dó. Ó fi àwòrán ránṣẹ́, ìdí nìyí tí mo fi mú un: ẹ̀ka igi kòkó rẹ̀ wú síta bíi kókó, àwọn nǹkan funfun kan tó dà bí ìyẹ̀fun wà lára rẹ̀, ewé rẹ̀ sì ní ilà pupa. Ó béèrè oògùn rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n?

(Ọ̀jọ̀gbọ́n: Ó jọ àìsàn ẹ̀ka wíwú. Kò ní oògùn. Kòkòrò funfun yẹn ló ń gbé e kiri láti igi sí igi. Igi tó bá ti mú ni kí wọ́n hú, àti àwọn tó fara kàn án. Àmọ́ kó má fi àwòrán nìkan gbé àáké. Kó pe òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ kó wá wò ó.)

Ará Ifẹ̀tẹ̀dó, mo mọ̀ pé ìdáhùn yẹn ò dùn ún gbọ́. Lẹ́yìn ètò yìí, a máa fi nọ́ńbà òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ agbègbè yín ránṣẹ́ sí yín níkọ̀kọ̀.

Ìbéèrè mẹ́tàdínlógún ló ṣẹ́ kù sínú àpótí. Ọ̀jọ̀gbọ́n àti Màmá ti gbà láti kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀, a máa fi í ránṣẹ́ sórí nọ́ńbà tí ẹ fi forúkọ sílẹ̀ kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Ẹni tó bá fẹ́ ká yọ ìbéèrè òun kúrò nínú ohùn tí a gbà sílẹ̀, kó kọ "yọ" ránṣẹ́ sí wa lálẹ́ òní. Ọ̀jọ̀gbọ́n, Màmá, a dúpẹ́, Ọlọ́run á san yín lóore. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ó dàárọ̀. Ẹ̀yin ará Húsítọ́ọ̀nù, ẹ kú ọ̀sán o.