Lẹ́tà sí Màmá Àgbà lórí owó inú fóònù

Kúbwà, Àbújá
Ọjọ́ Àìkú

Màmá àgbà mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Orúnkún ńkọ́? Ṣé ẹ ṣì ń fi òrí pa á? Mo ti sọ fún Síkírà kó ka lẹ́tà yìí fún yín lẹ́ẹ̀mejì, kó má fo ìlà kankan.

Ẹ ní fóònù jẹ ₦20,000 tí mo fi ránṣẹ́ ní Jímọ̀. Kò jẹ ẹ́, Màmá. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló há: owó ti kúrò lọ́wọ́ mi, kò tíì dé Kánò, bí ọkọ̀ tó takú sí Záríà. Ó kúkú wọlé ní Sátidé. Ẹ rántí dẹ́rẹ́bà Jábì tó máa ń bá mi gbé owó wá, tó ní ebi ló mú òun ná ₦3,000 níbẹ̀. Ti fóònù ṣì sàn.

Ẹ fi wé káàdì alájọ. Káàdì kọ́ ni owó; bí eku bá jẹ ẹ́, owó yín ṣì wà lọ́dọ̀ alájọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni fóònù yín. Ṣùgbọ́n bó bá sọnù, ẹ pè mí kíá kí n lọ ti símù náà pa, nítorí olè lè fi tẹ owó jáde.

Nọ́ńbà fóònù yín ni nọ́ńbà àkántì yín ní Ópéè, ẹ ṣáà yọ òdo iwájú. Bí Síkírà bá tẹ *955#, kò nílò dátà, torí náà fóònù tọ́ọ̀ṣì yín náà tó. Ẹ lè fi ra kírẹ́díìtì, ẹ lè fi owó ránṣẹ́ sí oníṣu.

Ṣùgbọ́n fóònù kò lè pọ bébà owó jáde. Ti bébà, ọ̀dọ̀ Alhaji oní-pí-ó-ẹ̀sì ní kọ̀rọ̀ yín ni, yóò sì yọ ₦200 tirẹ̀ lórí ₦10,000. Fóònù kò sì mọ bí a ti ń dá owó tó ṣìnà padà. Lọ́dún tó kọjá mo tẹ 6 dípò 9, ₦15,000 wọ àkántì ẹni tí n kò mọ̀ rí. Mo pè é, ó kí mi dáadáa, ó sì pa fóònù.

Bí oníbàárà bá ra èlùbọ́, tó na fóònù tirẹ̀ sí yín pé òun ti sanwó, ẹ má wo ti ọwọ́ rẹ̀. Tiyín ni kẹ́ ẹ wò. Bí owó kò bá tíì wọlé síbẹ̀, èlùbọ́ kò gbọdọ̀ kúrò lórí àtẹ, ì báà wọ agbádá.

Píìnì yín, nọ́ńbà àṣírí tẹ́ ẹ fi ń ṣí owó yín, ńkọ́? Ẹ kì í tú etí ìró tẹ́ ẹ di owó sí han ẹnikẹ́ni lọ́jà Sábóńgàrì; bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ fi píìnì pamọ́. Ẹni tó bá pè, ì báà sọ Hausa dídùn, tó ní báńkì lòun, tó ní kẹ́ ẹ ka nọ́ńbà kan fún òun, ẹ gbé fóònù sílẹ̀. Èmi gan-an kò ní béèrè rẹ̀.

Ní Sátidé, màá fi ₦500 ránṣẹ́. Ẹ fi ra kírẹ́díìtì fúnra yín, kí Síkírà jókòó tì yín láìfọwọ́ kàn án. Kẹ́ ẹ wá pè mí pẹ̀lú ẹ̀.

Ọmọ ọmọ yín,
Wálé