Àwọ̀ aṣọ ẹbí wa fún ìgbéyàwó ọmọ Ìyá Ìbejì

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, òkun o. Ilé ń kọ́?

Àwa tí a ti kọ orúkọ sílẹ̀ fún ìgbéyàwó Kàbà ti pé 63. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má tíì ra aṣọ kankan.

Ẹ rántí èyí tí a ṣe ní Mópà. Ańkárá kan náà ni gbogbo wa rà, ṣùgbọ́n oníkálukú ló yan gèlè tirẹ̀. Nígbà tí fọ́tò jáde, ńṣe la dà bí èrò ọjà tó kóra jọ síbi kan. Orí ni ojú kọ́kọ́ ń rí nínú èrò. Bí gèlè àti fìlà bá ṣọ̀kan, bí ẹlòmíì tilẹ̀ rán búbá, tí ẹlòmíì rán gáùn, a ó ṣì jọra.

Nítorí náà, àwọ̀ méjì péré ni kí a mú: ọ̀kan fún ara, ọ̀kan fún orí. Mo ti béèrè lọ́wọ́ Ìyá Ìbejì. Àwọn ẹbí ìyàwó yóò wọ àwọ̀ wúrà, ti ọkọ yóò wọ elésè àlùkò. A ò gbọdọ̀ sún mọ́ méjèèjì, torí ìyá ìyàwó ló yẹ kó dá yàtọ̀, kì í ṣe àwa.

Àwọn kan ní kí a wọ funfun. Ọyẹ́ á ti dé ní Oṣù Kejìlá, eruku pupa wa yìí ò sì ní jẹ́ kí funfun di ọ̀sán. Ẹni tó dá pupa lábàá, mi ò kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n aṣọ pupa ní ìtàn lọ́dọ̀ àwọn ará Bùnú wa: òun ni wọ́n máa ń hun láyé àtijọ́ fún ìsìnkú àwọn àgbà pàtàkì. Mi ò fẹ́ kí a fi bo ara látòkè délẹ̀ níbi ìgbéyàwó.

Ohun tí mo fọwọ́ sí ni ańkárá aláwọ̀ ewé tó dúdú díẹ̀, pẹ̀lú gèlè àti fìlà olómi ọsàn. Ewé dúdú yẹ apọ́nbéporẹ́, ó yẹ adúmáadán, kì í tètè ṣàfihàn ìdọ̀tí, olómi ọsàn sì ń tàn lórí rẹ̀ láti òkèèrè.

Ẹ má fi fọ́tò orí fóònù ra á o. Ewé tí ẹ rí lójú fóònù lè di búlúù tó bá dọ́wọ́ yín. Màá gé ègé kékeré ránṣẹ́ sí àwọn tó wà ní Èkó àti Àbújá. Ẹ gbé e síta nínú oòrùn kí ẹ tó dáhùn. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan ṣoṣo ni yóò ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lọ́wọ́ oníṣòwò kan. Bí a bá rà á ní ìgbà méjì, àwọ̀ lè má bára mu mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ kan náà ló ń jẹ́.

Ẹni tí owó kò bá tó fún yáàdì mẹ́fà, kó ra gèlè tàbí fìlà nìkan, kó wá aṣọ aláwọ̀ ewé nínú àpótí rẹ̀. Tẹ̀yìn ló máa dúró sí nínú fọ́tò, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Ẹ fún mi lésì kó tó di ọjọ́ Sátidé.