Màmá lójú kàǹtà

(Báǹkì kan ní Dùgbẹ̀, Ìbàdàn, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Ìlà gùn dé ẹnu ọ̀nà. Màmá dé ojú kàǹtà, ó fi ọwọ́ méjèèjì di nálọ́ǹ dúdú kékeré kan mú.)

AKỌ̀WÉ: Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ kú ìdúró.

MÀMÁ: Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé dáadáa lo jí? Ilé ńkọ́? Ọkọ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?

AKỌ̀WÉ: Wọ́n wà dáadáa mà, a dúpẹ́. Kí lẹ fẹ́ ká bá yín ṣe?

MÀMÁ: Ọlọ́run á dá wọn sí fún ọ. O ò ní fi ojú sunkún ọmọ. Ẹ kú iṣẹ́ o. Òtútù inú ilé yìí mà pọ̀, báwo lẹ ṣe ń jókòó sínú ẹ̀ látàárọ̀?

AKỌ̀WÉ: Ó ti mọ́ wa lára, màmá. Ṣé ẹ fẹ́ gbowó ni, àbí ẹ fẹ́ san án sílé?

MÀMÁ: Èyí àbúrò tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ náà ńkọ́? Ẹ kú iṣẹ́ o, ọmọ mi. Ẹ ó jèrè ẹ̀.

ỌKÙNRIN KAN LÓRÍ ÌLÀ: Màmá, ẹ jọ̀ọ́, a ti pẹ́ níbí.

AKỌ̀WÉ: Ẹ má bínú, bùọ̀dá. Ẹ lọ sí kàǹtà kẹta, wọ́n á dá yín lóhùn. Màmá, ẹ fara balẹ̀.

(Kò wo aago, ohun tó sì tọ́ nìyẹn. Màmá tú nálọ́ǹ, ó ti ìwé báǹkì kan sábẹ́ gíláàsì. Sẹ́lótéèpù ni wọ́n fi lẹ ẹ̀yìn ìwé náà.)

AKỌ̀WÉ: Ìwé Àlàájì nìyí. Àwọn tó ń ta pákó ní Bódìjà? Mo mọ̀ wọ́n. Bàbá ńkọ́?

(Màmá dákẹ́. Ó fi etí ìborùn nu ẹnu.)

MÀMÁ: Mo ti ń kí ọ látàárọ̀. O wáá kí mi padà.

AKỌ̀WÉ: Màmá?

MÀMÁ: Ọmọ mi ọkùnrin ní kí n sọ pé ara wọn ò yá, pé àwọn ló rán mi wá gba 80,000 náírà. Láti ilé ni mo ti ń kọ́ ọ. Mo kọ́ ọ nínú mọ́tò. Ẹnu mi ò gbà á. Wọ́n ti pé ogójì ọjọ́ lánàá.

AKỌ̀WÉ: Háà! Ẹ kú àfẹ́kù o, màmá. Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ọlọ́run á forí jì wọ́n. Ẹ jẹ́ ká kúrò lójú ìlà, ẹ wá jókòó lọ́dọ̀ mi níhìn-ín.

(Wọ́n jókòó sí tábìlì ẹ̀gbẹ́.)

MÀMÁ: Mi ò tíì jáde opó. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni, kò yẹ kí n máa rìn kiri. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi ló tán.

AKỌ̀WÉ: Ẹ ti sọ òótọ́ fún mi, èmi náà ò ní purọ́ fún yín. Bí mo ṣe gbọ́ ọ yìí, a ó ti àkáǹtì bàbá pa. Kò sẹ́ni tó máa lè yọ kọ́bọ̀ níbẹ̀ mọ́, ì báà mú káàdì wọn lọ́wọ́.

MÀMÁ: Ohun tí ọmọ mi ń bẹ̀rù gan-an nìyẹn. Èmi ṣáà ni wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù báǹkì pé èmi ni mo sún mọ́ wọn jù.

AKỌ̀WÉ: Bẹ́ẹ̀ ni mà. Ṣùgbọ́n orúkọ inú fọ́ọ̀mù ò sọ èèyàn di ẹni tó jogún owó náà. Ẹ ó gba ìwé ẹ̀rí ikú lọ́dọ̀ Àjọ Ìkànìyàn. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ẹ̀yin àti àwọn ọmọ jọ lọ sí kóòtù gíga, ní ẹ̀ka tó ń rí sí ogún, kí wọ́n fún yín níwèé tó fún yín láṣẹ lórí ohun tí bàbá fi sílẹ̀. Ìwé yẹn la ó fi ṣí i.

MÀMÁ: Ó máa pẹ́?

AKỌ̀WÉ: Ó máa pẹ́, màmá. Ó máa ń gba oṣù mélòó kan.

MÀMÁ: Ọmọ mi á bínú sí mi.

AKỌ̀WÉ: Ẹ ní kó wá bá mi. Èmi ni màá ṣàlàyé fún un, kì í ṣe ẹ̀yin. Ṣé ẹ̀yin náà ní àkáǹtì níbí?

MÀMÁ: Kékeré kan wà, owó ọjà.

AKỌ̀WÉ: Ẹ jẹ́ kí n wò ó. Ẹ tẹ̀ka síbí… 14,200 náírà ló wà níbẹ̀. Ẹ lè mú nínú ẹ̀ ra oògùn lónìí.

MÀMÁ: Ọlọ́run á kẹ́ ọ. Ṣé ẹ máa gba ìwé wọn lọ́wọ́ mi ni?

AKỌ̀WÉ: Rárá mà, ẹ mú un dání. Kí ni wọ́n kọ sẹ́yìn ẹ̀ yìí? “Owó òrùlé.”

MÀMÁ: Ilé wa ń jò. Wọ́n mọ̀wé kọ, àbí? Àwọn ni wọ́n máa ń kà á sí mi létí.