Èèpo Ẹ̀gẹ́ Tí Wọ́n Ń Sun Ní Ìlorà: Ọ̀rọ̀ Ìṣẹ́jú Márùn-ún Níwájú Àwọn Olùdókòwò

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin olùdókòwò wa gbogbo, ẹ káàárọ̀, ẹ kú ìjókòó. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́ ni mo bá wá, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti gààrí. Èèpo rẹ̀ ni, tí à ń sọ di oúnjẹ ẹran ọ̀sìn.

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́, tó yà wọ Ìlorà, yóò rí òkìtì èèpo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹbu gààrí. Bí ẹ̀gẹ́ tọ́ọ̀nù mẹ́rin bá wọlé, tí àwọn ìyá bẹ́ ẹ tán, èèpo tó wà nílẹ̀ máa ń tó tọ́ọ̀nù kan. Ewúrẹ́ á jẹ díẹ̀. Èyí tó kù á máa jẹrà nínú òjò, omi rẹ̀ á sì máa ṣàn lọ síbi kànga. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, wọ́n á dáná sun ún. Àwọn ìyá tó ń bẹ́ ẹ̀gẹ́ ló ń fa èéfín yẹn símú látàárọ̀ dalẹ́, ẹlòmíràn pọnmọ sẹ́yìn. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, oúnjẹ ni wọ́n ń sun.

Ẹ wá bi ẹnikẹ́ni tó ń sin adìẹ ní Ìbàdàn. Owó oúnjẹ ló ń gbé èrè rẹ̀ lọ, àgbàdo ló sì pọ̀ jù nínú oúnjẹ ọ̀hún, àgbàdo kan náà tí àwa èèyàn ń jẹ. Bó bá ti wọ́n, àwọn kan á ta adìẹ wọn kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yé.

Nàìjíríà ló ń gbin ẹ̀gẹ́ jù lágbàáyé, nǹkan bí 60 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù lọ́dún. N kò ní sọ fún yín pé gbogbo èèpo rẹ̀ la máa kó. Ẹbu márùn-ún péré la fẹ́, ní Ìlorà, Fìdítì àti Àwẹ́, a sì ti bá àwọn olórí wọn sọ̀rọ̀. Ilé ìlọ oúnjẹ adìẹ méjì àti àwọn olùsìn ewúrẹ́ kan ní Ìbàdàn ti ń ra èèpo gbígbẹ lọ́wọ́ wa, wọ́n sì ń padà wá. Tọ́ọ̀nù mẹ́fà là ń tà lóṣù báyìí. Ohun tí wọ́n ń béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọgbọ́n iṣẹ́ náà kì í ṣe tiwa. Àwọn onímọ̀ ILRI, ilé ìwádìí nípa ẹran ọ̀sìn, àti IITA, ilé ìwádìí nípa iṣẹ́ ọ̀gbìn, ní Ìbàdàn ló gbé e jáde. À ń ṣa erùpẹ̀ àti ìdí ẹ̀gẹ́ kúrò, à ń rin èèpo bí wọ́n ṣe ń rin ẹ̀gẹ́ gààrí, à ń dì í sápò, à ń fi jáàkì fún omi rẹ̀ dànù, ká tó sẹ́ ẹ, ká sì sá a. Rírin àti fífún yẹn ló ń dín oró inú rẹ̀ kù. Èèpo tí wọ́n kàn sá lásán máa ń gbà tó ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, olú á sì bà á jẹ́. Tiwa ń gbẹ láàárín ọjọ́ kan bí oòrùn bá wà. Tọ́ọ̀nù mẹ́ta tútù ló ń di tọ́ọ̀nù kan gbígbẹ. Èyí tó kúnná jẹ́ ti adìẹ àti ẹja, èyí tí kò kúnná jẹ́ ti ewúrẹ́ àti àgùntàn. A máa ń sọ òótọ́ fún oníbàárà: èròjà amáradàgbà inú rẹ̀ kò pọ̀, apá kan àgbàdo nìkan ló lè rọ́pò, sóyà sì gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i nínú àpòpọ̀.

Òjò ni ìṣòro wa. Láti oṣù kẹrin dé ìkẹwàá, oòrùn kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ìdí tí mo fi dúró níwájú yín nìyẹn. 30 mílíọ̀nù náírà là ń wá: 14 fún ẹ̀rọ tí yóò máa fi atẹ́gùn gbígbóná mú un gbẹ, 6 fún ẹ̀rọ ìrin àti jáàkì ńlá, 4 fún òrùlé, ilẹ̀ oníkọnkéré àti omi, 6 fún rírà èèpo àti dísù. Àwọn ìyá yóò máa gba 20,000 náírà lórí tọ́ọ̀nù èèpo tútù kan, owó tí wọn kò rí rí.

Tọ́ọ̀nù gbígbẹ kan, 300,000 náírà la ó máa tà á. Èèpo yóò gba 60,000, dísù, òṣìṣẹ́ àti ọkọ̀ 130,000. 110,000 ló kù. Ní oṣù kẹjọ lẹ́yìn tí owó bá wọlé, a fẹ́ máa ṣe tọ́ọ̀nù 40 lóṣù. Ìyẹn 4.4 mílíọ̀nù. Tí a bá yọ owó oṣù àti owó ilẹ̀, 1.9 mílíọ̀nù, èrè ku 2.5 mílíọ̀nù lóṣù.

Ẹni tó bá gbé owó yìí sílẹ̀ yóò ní ìpín 20 nínú ọgọ́rùn-ún, yóò sì yan ẹnì kan tí yóò máa yẹ ìwé owó wa wò lóṣooṣù. A kò béèrè gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fún wa ní 18 mílíọ̀nù fún ẹ̀rọ ìmúgbẹ àti ilé rẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Bí a kò bá ṣe tó tọ́ọ̀nù 15 nínú oṣù kan tí òjò ń rọ̀, ẹ má ṣe fún wa ní mílíọ̀nù 12 tó kù. Mo ṣetán fún ìbéèrè yín.