Ìdánwò aláṣàyàn lórí Orí Kẹrin: Òǹkà Yorùbá

Kíláàsì Yorùbá ọjọ́ Àbámẹ́ta, Kubwa, Àbújá. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sí méjìlá. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ní táàmù tó kọjá, mo fún àwọn ọmọ ní ìdánwò lórí orí yìí kan náà. Nọ́ńbà yòówù tó bá ti sọ sí mi lọ́kàn ni mo fi ṣe ìdáhùn tí kò tọ̀nà. Nígbà tí mo máàkì tán, ọmọ mẹ́rin gba márùn-ún nínú mẹ́wàá, mi ò sì lè sọ ohun tí ó yé ẹnì kankan nínú wọn àti ohun tí kò yé e. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni ìyá ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi pé òun ní kí ọmọ òun ka ẹyin mẹ́rìndínlógún sínú abọ́, ọmọ náà sì fara balẹ̀ ka mẹ́rìnlélógún, ó gbé e wá pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu. Láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù ló ti ń ka “dín” bí ẹni ka “lé”. Ìdánwò mi kò rí i.

Torí náà ni mo ṣe tún èyí kọ. Mo ka Orí Kẹrin ní ìlà dé ìlà, mo ń wá gbogbo ibi tí ọmọ lè gbà ṣìnà, mo sì sọ àṣìṣe kọ̀ọ̀kan di ìdáhùn. Bí ẹ bá ń máàkì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ lẹ́tà tí ọmọ mú sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀. Lẹ́tà yẹn ṣe pàtàkì fún wa ju máàkì lọ.

FÚN ÀWỌN ỌMỌ

Ka ìbéèrè kọ̀ọ̀kan dáadáa. Fa róbótó yí lẹ́tà kan ṣoṣo ká. Bí kò bá dá ọ lójú, mú èyí tí ọkàn rẹ sún mọ́ jù.

1. Ìyá Bọ́lá ní kí ó ka ẹyin mẹ́rìndínlógún sínú abọ́. Ẹyin mélòó ni yóò wà nínú abọ́?
A. 24
B. 14
D. 16
E. 80

2. Èwo ni 45?
A. márùnlélógójì
B. márùndínlógójì
D. márùndínláàádọ́ta
E. márùndínlọ́gọ́ta

3. Àádọ́ta jẹ́
A. 50
B. 70
D. 30
E. 60

4. Èwo ni 200?
A. igbá
B. ìgbà
D. igbà
E. igba

5. Màmá ra ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ní ọjà Wuse. Èló ni ó san?
A. ₦700
B. ₦500
D. ₦300
E. ₦590

6. Ọmọ márùn-ún ló wà nílé. Bàbá ní, “Ọmọ kẹta ni kó bu omi wá fún mi.” Ọmọ mélòó ni yóò dìde?
A. Mẹ́ta
B. Ẹyọ kan
D. Méjì

7. Ní ìlú Bàbá àgbà, ọjà ọrọọrún ni wọ́n ń ná. Wọ́n ná an ní Ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ wo ni wọn yóò tún ná an?
A. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀
B. Ọjọ́ Àbámẹ́ta
D. Ọjọ́bọ̀
E. Ọjọ́ Ẹtì

8. Ẹgbàajì jẹ́
A. 400
B. 4,000
D. 2,002
E. 2,000

9. Àwọn ènìyàn tó wá síbi ayẹyẹ kan jẹ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ó lé mẹ́rìnléláàádọ́rin. Ènìyàn mélòó ni?
A. 974
B. 794
D. 774
E. 766

FÚN OLÙKỌ́ NÌKAN

Ìbéèrè 1. D ni. Ọmọ tó mú A ni ọmọ ẹlẹ́yin wa: ó mọ mẹ́rin, ó mọ ogún, ṣùgbọ́n “dín” kò sọ nǹkan kan fún un. B mọ̀ pé iye náà kò tó ogún, ó wá lẹ mẹ́rin mọ́ mẹ́wàá bí ẹni ń sọ mẹ́rìnlá. Ọmọ yìí ti sún mọ́ ilé. Ẹ má ṣe kọ́ ọ bí ẹ ṣe máa kọ́ A. E sọ ogún di ọ̀nà mẹ́rin. Ọgọ́rin ló wà lórí rẹ̀, bóyá torí pé a ti kọ́ wọn ní ọgọ́ta àti ọgọ́rin kí ìyọkúrò tó yé wọn.

Fún A, ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ ogún sílẹ̀, kí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú mẹ́rin kúrò, kí ó máa pè é bó ṣe ń mú un: ogún, ó dín mẹ́rin. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ló ń gbọ́ Haúsá lójú pópó. Ẹ bi wọ́n bí àwọn Haúsá kan ṣe ń pe 18. Wọ́n á ní “aṣirin biyu babu”: ogún, méjì ò sí níbẹ̀. Mo ti rí ọmọ tí ojú rẹ̀ là lọ́gán níbi ọ̀rọ̀ yìí, tó ní, “Á à, bákan náà ni!”

Ìbéèrè 2. D ni, ìbéèrè yìí sì ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀. Òfin inú Orí Kẹrin ni pé láti oókan dé ẹẹ́rin, a ń lé. Láti aárùn-ún lọ sókè, a ti ń wo ẹ̀wá tó wà níwájú, a sì ń yọ kúrò nínú rẹ̀. Ọmọ tó mú A mọ “lé”, ó mọ “dín”, ibi tí ìrìn ti yí padà ni kò mọ̀. Gẹ̀ẹ́sì tó ń sọ láti Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́ Ẹtì ló ń bá a ṣiṣẹ́: ó rí 4, ó rí 5, ó tò wọ́n tẹ̀ lé ara wọn. B mọ̀ pé márùn-ún gbọ́dọ̀ “dín”, ṣùgbọ́n ó rí 4 níwájú, ó sì dúró sórí ogójì. Ohun tó sọ ni 35. Ẹ bi í léèrè pé “Ibo lò ń lọ?” kí ẹ tó bi í pé “Ibo lo wà?” E mọ gbogbo òfin náà pátá, àádọ́ta àti ọgọ́ta ló dàpọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Iṣẹ́ E kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ti A lè gba odindi Àbámẹ́ta kan, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè 3. A ni. Ogún lọ́nà mẹ́ta ni ọgọ́ta; mú mẹ́wàá kúrò, ó di àádọ́ta. Ọmọ tó mú B ń fi mẹ́wàá kún un. D gbọ́ “ta” lẹ́yìn ọ̀rọ̀, ó gbọ́ ẹ̀wá nínú rẹ̀, ó sọ ọ́ di ẹ̀wá mẹ́ta. E kò gbọ́ “àád” rárá. Ìparí ọ̀rọ̀ nìkan ló fi dáhùn. Ẹ pe àádọ́ta, àádọ́rin, àádọ́rùn-ún fún un tẹ̀ léra, kí etí rẹ̀ mú ohun tó pa wọ́n pọ̀.

Ìbéèrè 4. E ni. Àmì ohùn nìkan ni. Ohun tí à ń bu omi sí ni A, àsìkò ni B, okùn tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ ni D. Ẹ ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sókè fún ọmọ tó bá ṣì í. Bó bá fi etí mọ̀ ọ́n, ìwé kíkà ló ṣòro fún un, òǹkà kọ́.

Ìbéèrè 5. B ni. Ẹgbẹ̀ta ni 600, nítorí igba lọ́nà mẹ́ta ni. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta fi ọgọ́rùn-ún dín sí i. A fi ọgọ́rùn-ún kún un. D gbọ́ ẹ̀ta ní ìparí, ó lọ mú ọ̀ọ́dúnrún. E ni kí ẹ yìn kí ẹ tó tún un ṣe: ó rí i pé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta jọ àádọ́ta, ó sì yọ mẹ́wàá bó ṣe yọ ọ́ lọ́hùn-ún. Orí ló lò. Ohun tó kù fún un ni pé níbi tí ìṣísẹ̀ bá jẹ́ ogún, ìdajì rẹ̀, mẹ́wàá, là ń yọ. Níbi tí ìṣísẹ̀ bá jẹ́ igba, ọgọ́rùn-ún. Níbi tó bá sì jẹ́ ẹgbàá, ẹgbẹ̀rún, bíi ti ẹ̀ẹ́dẹ́gbàata tí í ṣe 5,000.

Ìbéèrè 6. B ni. Ìdáhùn mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀. Mo wá ẹ̀kẹrin títí, mi ò rí àṣìṣe tí ọmọ gidi lè ṣe, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. A ka kẹta bíi mẹ́ta. D rí nọ́ńbà méjì, ó yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì láìka ìtàn. Ọmọ yẹn lè máa ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ìṣirò ilé ìwé rẹ̀ pẹ̀lú, ẹ sọ fún òbí rẹ̀.

Ìbéèrè 7. E ni. Àwọn baba wa máa ń ka ọjọ́ tí wọ́n wà nínú rẹ̀ mọ́ ọn: Ajé ni oókan, Ìṣẹ́gun ni eéjì, Ọjọ́rú ni ẹẹ́ta, Ọjọ́bọ̀ ni ẹẹ́rin, Ẹtì ni aárùn-ún. Ìyẹn ni pé ọjọ́ mẹ́rin ni a ń pè ní ọrún. Ọmọ tó mú B bẹ̀rẹ̀ òǹkà láti Ìṣẹ́gun. Ìyẹn ni ìka tiwa lónìí, kò sì jẹ̀bi. D ti gbọ́ pé ọjọ́ mẹ́rin ni, ó wá ka mẹ́rin náà pẹ̀lú Ajé nínú rẹ̀, ó gé e lẹ́ẹ̀mejì. A kò ka nǹkan kan. Ọjà ọlọ́jọ́ méje ló ń rí láyìíká ibi, ó rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo ọjà. Ẹ má kà á sí àìmọ̀kan fún ọmọ tí a bí sí Kubwa, tí kò tíì sùn ní abúlé rí. Ẹ sọ ìtàn ọjà abúlé yín fún un.

Ìbéèrè 8. B ni: ẹgbàá méjì. A fi igba ṣe ẹgbàá. D ro méjì mọ́ ọn. E kò gbọ́ “jì”. Bí àyè bá wà, ẹ sọ fún wọn bí wọ́n ṣe ń ka owó ẹyọ: ogójì lórí okùn kan, àádọ́ta okùn di ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá di ọ̀kẹ́ kan.

Ìbéèrè 9. D ni. Iye ìjọba ìbílẹ̀ Nàìjíríà ni 774. Mo kọ́kọ́ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, mo pa á rẹ́, nítorí ọmọ tó ti há a sórí níléèwé yóò mú D láìka ọ̀rọ̀ kankan, a ó sì rò pé ó mọ òǹkà. Àṣìṣe mẹ́ta ló wà nínú àwọn ìdáhùn tó kù, ọ̀kan fún ìdáhùn kan. A fi ọgọ́rùn-ún kún ẹgbẹ̀rin. Ẹ wò ó bóyá òun náà ló mú A nínú ìbéèrè karùn-ún. B fi mẹ́wàá kún ọgọ́rin. Ẹ wo ìbéèrè kẹta rẹ̀. E yọ mẹ́rin kúrò nínú àádọ́rin níbi tí a ti ní kí ó lé e. Bí E bá gba ìbéèrè kìíní, àwa la fa èyí: a ti tẹnu mọ́ “dín” fún un débi pé ó ń yọ níbi gbogbo. Ẹ fún un ní mọ́kànlélógún dé mẹ́rìnlélógún kó kà kó tó lọ sílé.

Ẹ kó gbogbo ìwé wọn fún mi kí a tó tú ká. Kí Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ tó dé, màá ti pín àwọn ọmọ sí ọ̀wọ́ gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà tí wọ́n mú, mo sì fẹ́ kí ọ̀wọ́ “dín” kọ́kọ́ jókòó ti èmi.