Àkòrí: Mo gba iṣẹ́ olóòtú ìwé Yorùbá: owó oṣù, ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ohun tó kù

Ọjọ́rú, 28 Oṣù Kìíní, 2026

Sí Alákòóso Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́, Jẹ́ríkò, Ìbàdàn

Ẹ káàárọ̀ mà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìwé ìgbaniṣíṣẹ́ tí ẹ fi ránṣẹ́ lánàá ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Inú ọkọ̀ ni mo ti kọ́kọ́ kà á lórí fóònù. Nígbà tí mo délé, mo tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, mo sì mú bírò pupa tì í, bí mo ti máa ń ṣe sí iṣẹ́ oníṣẹ́. Mo gba iṣẹ́ náà tọwọ́tẹsẹ̀. Ẹ ṣeun, ẹ sì bá mi kí ọ̀gá àwọn olóòtú àti àwọn tí wọ́n jókòó pẹ̀lú yín lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò.

Ẹ ní kí n fi Yorùbá fèsì, nítorí Yorùbá ni mo fẹ́ wá jẹun lé lórí. Mo gbọ́. Bí ẹ bá rí àmì ohùn kan tó já bọ́ nínú lẹ́tà yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì yọ ọ́ nínú owó oṣù mi.

Ọ̀rọ̀ owó oṣù ọ̀hún ni mo fẹ́ kọ́kọ́ bá yín sọ. Ní ojú ewé kìíní, ìwé yín sọ pé ₦320,000 ni ẹ ó máa san fún mi lóṣooṣù: ₦160,000 owó iṣẹ́ gan-an, ₦96,000 owó ilé, ₦64,000 owó ọkọ̀. Mo ro ó pọ̀, ó pé. Ṣùgbọ́n ní ojú ewé kejì, níbi tí ẹ ti ṣírò ti ọdún kan, ₦3,480,000 ló wà níbẹ̀. ₦320,000 lọ́nà méjìlá, ₦3,840,000 ni. Mo gbà pé ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ló gbé 4 síwájú 8. Àṣìtẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí èmi tí mo ń bá àwọn atẹ̀wé ṣiṣẹ́ ní Ṣómólú láti ọdún mẹ́ta. Àmọ́ bí èèyàn bá pín iye ojú ewé kejì yẹn sí méjìlá, ₦290,000 ni yóò kù lóṣù, ₦30,000 ló sọnù lóṣooṣù yẹn, ìyẹn kì í sì í ṣe owó àkàrà. Ojú ewé kìíní ni mo tẹ́wọ́ gbà. Ẹ bá mi tún ojú ewé kejì ṣe kí n tó buwọ́ lù ú.

Owó ìfẹ̀yìntì ńkọ́? Òfin ọdún 2014 ní kí òṣìṣẹ́ dá ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún, kí agbanisíṣẹ́ dá ìdá 10. Lórí ₦320,000, ₦25,600 ni ti èmi, ₦32,000 sì ni ti ilé iṣẹ́. Bí ẹ ṣe ṣàlàyé rẹ̀ lórí fóònù ni mo ṣe gbọ́ ọ: ₦25,600 ni ẹ ó yọ lára owó mi, ₦32,000 yín yóò sì gorí rẹ̀, kò sí nínú ₦320,000. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni, ìwé kò sọ ọ́. Gbólóhùn kan péré yóò tó o. Mo ti ní nọ́ńbà ìfẹ̀yìntì láti ibi tí mo wà báyìí, nítorí náà ẹ má wulẹ̀ ṣí òmíràn fún mi. Nọ́ńbà náà ń bá òṣìṣẹ́ lọ síbikíbi ni. Ní ti owó orí, n kò ní àríyànjiyàn kankan. Bí mo bá ti sanwó ilé ní Ìbàdàn, n ó mú rìsíìtì rẹ̀ wá, torí òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ lóṣù yìí fàyè gbà wá láti yọ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé kí wọ́n tó ṣírò owó orí.

Ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀: ìwé yín kọ 1 Oṣù Kẹta. Ọjọ́ Àìkú nìyẹn mà. Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹta, 2026, ní aago mẹ́jọ àárọ̀, ni n ó dé ẹnu iṣẹ́, owó oṣù náà yóò sì jẹ́ ti oṣù kan gbáko. N kò lè yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí mo gbọ́dọ̀ fún àwọn ọ̀gá mi níhìn-ín ní ìfitónilétí oṣù kan. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ yìí, 30 Oṣù Kìíní, ni mo fẹ́ fi ìwé ìkọ̀wéfiṣẹ́sílẹ̀ mi sílẹ̀, kí n lè parí lọ́jọ́ 27 Oṣù Kejì. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ìwé tí ẹ tún ṣe dé ọwọ́ mi kí ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ tó ṣú. Èèyàn kì í da omi inú ìkòkò nù nítorí pé òjò ṣú. N ó buwọ́ lù ú lálẹ́ ọjọ́ náà, n ó sì dá a padà nínú ímeèlì.

Àyẹ̀wò ìlera àti fífi ojúlówó ìwé ẹ̀rí hàn, ṣé a lè ṣe méjèèjì lọ́jọ́ kan? Mo lè gbàyè ní Ọjọ́bọ̀, 19 Oṣù Kejì. Ọkọ̀ ojú irin àárọ̀ ni n ó wọ̀ láti Èbúté Mẹ́ta, n ó sọ̀ ní Mọ́níyà, n ó sì wọ ọkọ̀ wá sí Jẹ́ríkò. Ìwé ẹ̀rí yunifásítì, ti àgùnbánirọ̀, NIN àti nọ́ńbà báńkì mi yóò wà lọ́wọ́ mi. Àwọn oníduúró méjèèjì ti gbà: ọ̀kan jẹ́ olùkọ́ àgbà nílé ẹ̀kọ́ gíga, èkejì jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba. Fọ́ọ̀mù wọn nìkan ni mo ń retí látọ̀dọ̀ yín.

Mo gbà sí oṣù mẹ́fà ìdánwò àti ìsinmi ogúnjọ́ lọ́dún, bí ẹ ti kọ ọ́.

Ó ku ẹyọ kan, ti iṣẹ́ gan-an ni. Nínú ìwé kíkà tí ẹ fún mi dán wò, mo bá gbólóhùn kan pàdé: “Baba ra oko tuntun.” Ọkọ́ ni àbí ọkọ̀? Àwòrán tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló gbà mí: àgbẹ̀ ló wà níbẹ̀, ọkọ́ lèjìká. Ọmọ tí kò bá ní àwòrán ńkọ́? Ojú ewé kan náà yẹn kọ “aiye” lókè, ó kọ “ayé” nísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ àkọtọ́ 1974 ti parí ìjà yẹn láti ọjọ́ pípẹ́. Bí ilé iṣẹ́ bá ní ìwé ìlànà ìkọ̀wé tirẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ kí n máa kà á lálaalẹ́ kí oṣù kẹta tó dé. Bí kò bá sí, ẹ sọ fún mi náà, kí n mọ ohun tí n ó kọ́kọ́ jókòó tì.

Fóònù mi wà ní títàn lẹ́yìn aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Kó tó dìgbà yẹn, ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í jẹ́ kí n gbọ́ ọ. Ẹ tètè fi ímeèlì ránṣẹ́ bó bá jẹ́ ọ̀sán.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Mọ́rẹ́nikẹ́